Ìṣirò Owó Kọ́ṣọ̀n: Bí Onílé Ṣe Lè Kọ Ọ́ Láìsí Ariwo

"Mo ti wo inú ilé tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá. Ògiri ò ṣeé wò, nẹ́ẹ̀tì ti ya, lọ́ọ̀kì ilé ìdáná ti bàjẹ́, ẹ tún jẹ gbèsè iná. Owó kọ́ṣọ̀n yín ò tó o, ẹ ṣì máa fi ₦32,000 kún un. Bí ẹ̀yin ayálégbé ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí mi ò bá rí owó mi lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ó rí pupa ojú mi."

Irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni onílé tó ń bínú máa ń fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ inú ilé òfìfo. Ìbínú náà lè ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba iṣẹ́ yìí kò lè sọ iye tí wọ́n yọ fún ògiri, kò mọ iye tí wọ́n yọ fún nẹ́ẹ̀tì, kò sì rí bí ₦32,000 ṣe jáde. Ohun kan ṣoṣo tó yé e ni pé wọ́n bú òun. Èsì tó máa fi ránṣẹ́ kò ní jẹ́ nípa owó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sí ibi kan, kí ìṣirò rẹ̀ lè hàn kedere. Ká ní fúláàtì oníyàrá méjì ni, ní Ẹgbẹ́dá, l'Ékòó. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ni ká pè ní Bàbá Ìbejì. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ₦200,000 ló sì san gẹ́gẹ́ bí owó kọ́ṣọ̀n nígbà tó ń wọlé. Ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ló kó jáde. Baba onílé ti ní kí wọ́n tún ilé kùn, ó ti ra nẹ́ẹ̀tì àti lọ́ọ̀kì, ó sì ti san owó iná. Lójú tirẹ̀, ₦232,000 ló ti bọ́ lápò òun, òun ló sì bí ₦32,000 tó ń bèèrè.

Owó kọ́ṣọ̀n kì í ṣe owó ilé, kì í sì í ṣe ẹ̀bùn. Owó ayálégbé ni, tó wà lọ́wọ́ onílé títí ayálégbé yóò fi lọ. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011, nígbà ìjọba Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní abala 10. Ó ní bí onílé tàbí ájẹ́ńtì bá gba owó lórí owó ilé láti fi tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, ó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún owó náà, ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òfin náà kò dé Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó dé Ẹgbẹ́dá. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ìṣirò kì í ṣe oore tí Baba onílé ń ṣe fún Bàbá Ìbejì. Ó jẹ ẹ́ ní gbèsè rẹ̀.

Òfin kan náà ní kí ayálégbé tọ́jú ilé dáadáa, ṣùgbọ́n ó yọ gbígbó tí nǹkan ń gbó nítorí ìlò sílẹ̀. Ibi yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Kí onílé tó tún èdè àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó ní láti tún owó inú rẹ̀ ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ dídùn kò lè bo ìṣirò tí kò tọ́. Ìbéèrè méjì ló máa bi ara rẹ̀ lórí ohun kọ̀ọ̀kan: ṣé ìlò ló gbó o ni àbí ẹnì kan ló bà á jẹ́? Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló bà á jẹ́, báwo ni ohun náà ṣe pẹ́ tó nígbà tó bàjẹ́?

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí nẹ́ẹ̀tì. ₦36,000 ni Baba onílé fi ra tuntun. Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti wà níbẹ̀ kí Bàbá Ìbejì tó kó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹnì kan ló fa nẹ́ẹ̀tì ya, kó mú apá ibi tí kò ya, kó rọra fi ìka rìn ín. Bó bá ń rún wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ, oòrùn ló jẹ ẹ́, ibi gbogbo lára rẹ̀ ló sì máa rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì le, tó jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló là gbọọrọ, ọ̀bẹ tàbí ọwọ́ ọmọdé ló dé ibẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì Ẹgbẹ́dá yìí rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ́bọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú owó kọ́ṣọ̀n nítorí rẹ̀.

Ọ̀dà ló gba owó jù, ₦140,000 fún gbogbo ilé. Baba onílé fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ọdún mẹ́rin mẹ́rin lòún ń kunlé. Ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin ti kọjá. Bí ọ̀dà ṣe ṣá ní pálọ̀, àmì ìṣó ibi tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ àti bí ògiri ṣe dúdú díẹ̀ lẹ́yìn àga, ìlò ni gbogbo wọn. Yàrá kejì nìkan ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bàbá Ìbejì kan pẹpẹ onígi ńlá mọ́ ògiri níbẹ̀, nígbà tó sì ń já a lọ, ó fa sìmẹ́ǹtì jáde. Ihò mẹ́ta ló kù sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àtàǹpàkò.

Iṣẹ́ méjì ló wà lára ògiri yẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣírò wọn. Dídí ihò gba ₦9,000 lọ́wọ́ bíríkìlà, sìmẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Ògiri kì í gbó lọ́dún mẹ́rin, nítorí náà gbogbo ₦9,000 ló wá sọ́rùn Bàbá Ìbejì. Ọ̀dà ní tirẹ̀ ń gbó. Kíkun yàrá kan yẹn jẹ́ ₦32,000, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ló kù fún ọ̀dà àtijọ́ kí Baba onílé tó kùn ún fúnra rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣòfò, ìyẹn ₦8,000. Bí Baba onílé bá gba ₦32,000, á jẹ́ pé ọ̀dà ọlọ́dún mẹ́ta ló pàdánù, tuntun ló sì gbà padà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ilé yíyá ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú ìṣirò yìí. Ní England, láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2007, onílé tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ayálégbé gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ìjà bá dé lórí rẹ̀, wọ́n lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onídàájọ́ ètò náà. Ẹni yẹn máa ń wo bí ohun tó bàjẹ́ ṣe pẹ́ tó àti iye ọdún tó yẹ kó lò, kò sì ní jẹ́ kí onílé gba tuntun dípò àtijọ́. Òfin Èkó ti 2011 kò dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ onílé tàbí ájẹ́ńtì ni owó ń wà, ìdí sì nìyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ onílé fi ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀ délẹ̀.

Ó ku lọ́ọ̀kì àti iná. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná sọnù mọ́ Bàbá Ìbejì lọ́wọ́, ó bá fi irin já lọ́ọ̀kì náà. Ọ̀rọ̀ ìlò kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Baba onílé dé ọjà, lọ́ọ̀kì ₦28,000 ló wù ú, nígbà tó jẹ́ pé irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ₦12,500 ni. Kò sẹ́ni tó ní kó má ra èyí tó dára jù, ṣùgbọ́n àpò tirẹ̀ ni àfikún yẹn ti máa jáde. ₦12,500 àti ₦4,000 iṣẹ́ káfíńtà ló tọ́ kó yọ, ìyẹn ₦16,500. Ní ti iná, fúláàtì náà kò ní mítà tí wọ́n ń ra káàdì sí, bílì ló ń dé lóṣooṣù. ₦24,000 ni ti oṣù Kẹfà. Ọjọ́ 20 ni Bàbá Ìbejì lò nínú 30, àwọn tó ń kunlé ló sì tan iná ní ọjọ́ 10 tó kù. Ó máa san ₦16,000.

Ká wá ro ó pọ̀: ₦9,000, ₦8,000, ₦16,500 àti ₦16,000 jẹ́ ₦49,500. Onílé tó ń bèèrè ₦32,000 lọ́jọ́sí ti wá di ẹni tó máa dá ₦150,500 padà. Ó dun Baba onílé, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n gbogbo iye tó kù sínú ìṣirò yìí ló lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí níwájú ẹnikẹ́ni.

Ìgbà yìí ni èdè tó kàn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó kó jáde nílé fẹ́ mọ̀ ni iye tó máa gbà. Bí wọ́n bá fi ìyẹn sí ìparí, á máa ka gbogbo ìlà tó ṣáájú pẹ̀lú àyà jíjá. Nítorí náà, lẹ́yìn ìkíni, iye tó san, iye tí wọ́n yọ àti iye tó kù ló yẹ kó ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ohun kọ̀ọ̀kan wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀: ibi tó wà, ohun tó ṣe é, iye tó gbà.

Èkejì ni pé kí onílé jẹ́ kí ohun tó bàjẹ́ gba iwájú nínú gbólóhùn dípò ènìyàn. "Ẹ ti ba ògiri jẹ́" jẹ́ ẹ̀sùn, ẹni tí wọ́n bá sì fẹ̀sùn kàn yóò wá àwíjàre. "Ihò mẹ́ta wà lára ògiri yàrá kejì, níbi tí pẹpẹ wà" jẹ́ ohun tí ojú lè rí, ẹni tó kà á lè wo fọ́tò kó sì gbà tàbí kó jiyàn. Bákan náà, "pátápátá", "gbogbo rẹ̀" àti "bí ẹ ṣe máa ń ṣe" kò ní iye kankan nínú. Ariwo tí àwọn ọmọ rẹ̀ pa lọ́dún tó kọjá àti owó ilé tó pẹ́ san nígbà kan kò sí lára ohun tó bàjẹ́. Kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ìhàlẹ̀ ọlọ́pàá náà kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ ihò ara ògiri kì í ṣe ọ̀ràn.

Àwọn mìíràn ń ṣe àṣejù lápá kejì. Wọ́n á gbàdúrà fún ìlà márùn-ún, wọ́n á tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà ń ti àwọn lójú. Ẹni tó gbà á yóò rò pé owó tí kò tọ́ ni wọ́n fẹ́ yọ. Yorùbá kò lè ṣe kó má kí ènìyàn, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé mìíràn, ṣùgbọ́n ìlà kan tó fún un. Kódà bí onílé bá dàgbà ju bàbá ayálégbé lọ, "ẹ" ló yẹ kó lò jálẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ" tó wá já sí "o" ní àárín ti sọ ibi tí inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

Bí ti Baba onílé ṣe rí nìyí lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a tún un kọ:

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú ilé tuntun o. Mo kí Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ.

Ìṣirò owó kọ́ṣọ̀n yín rèé. ₦200,000 lẹ san. Mo yọ ₦49,500. Ó ku ₦150,500 tí mo máa dá padà fún yín.

Ohun tí mo yọ:

1. Ògiri yàrá kejì, ihò mẹ́ta níbi tí pẹpẹ wà. Owó bíríkìlà àti sìmẹ́ǹtì: ₦9,000.

2. Ọ̀dà yàrá kan náà. ₦32,000 ni mo fi kùn ún. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀dà ń lò kí n tó tún un kùn, ọdún kan ló kù, mo wá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin: ₦8,000.

3. Lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Irú èyí tó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦12,500, iṣẹ́ káfíńtà ₦4,000: ₦16,500.

4. Iná oṣù Kẹfà. Bílì jẹ́ ₦24,000, ọjọ́ 20 nínú 30 ni tiyín: ₦16,000.

Mi ò yọ nǹkan kan fún nẹ́ẹ̀tì àti ọ̀dà ìyókù ilé, ìlò ló gbó wọn.

Fọ́tò àti rìsíìtì wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Keje. Ẹ fi nọ́ńbà akáǹtì yín ránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14, ni mo máa san án."

Ìlà tó sọ nípa nẹ́ẹ̀tì ń ṣe iṣẹ́ ju bó ṣe kúrú lọ. Ó fi hàn pé Baba onílé rí nẹ́ẹ̀tì tó ya, ó rò ó wò, ó sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ìyẹn yóò mọ̀ pé wọ́n ro ti ihò náà wò kí wọ́n tó yọ owó fún un. Ọjọ́ méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ náà sì ṣe pàtàkì, nítorí ayálégbé tí kò mọ ìgbà tí owó máa wọlé yóò máa pè lójoojúmọ́, ìpè lójoojúmọ́ ló sì máa ń di ìjà.

Rìsíìtì lè ṣòro díẹ̀, nítorí bíríkìlà àti káfíńtà àdúgbò kì í sábà ní ìwé rìsíìtì lọ́wọ́. Kí onílé mú ìwé pélébé kan, kó kọ ọjọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti iye tí wọ́n gbà sí i, kí oníṣẹ́ náà fọwọ́ sí i kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí owó bá ti inú akáǹtì lọ, àkọsílẹ̀ báńkì náà tó. Ohun tí kò tó ni ọ̀rọ̀ ẹnu pé "mo náwó gan-an".

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì nìkan ni iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lọ. Àwọn onílé kan máa ń fi irú rẹ̀ sórí Wáàsáàpù tí gbogbo ará ilé wà, kí àwọn tó kù lè kọ́gbọ́n. Ẹni tí wọ́n bá dójú tì níwájú aládùúgbò kò ní wo ìṣirò mọ́, ì báà tọ́, ì báà má tọ́. Ohùn tí wọ́n gbà sórí fóònù náà kò dára fún iṣẹ́ yìí. Iye mẹ́rin tàbí márùn-ún á ti pòrúurùu kí ẹni tó ń gbọ́ tó gbọ́ ọ tán, kò sì sí ibi tó máa fọwọ́ sí nígbà tó bá fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọwọ́ ájẹ́ńtì ni ₦200,000 wà, kí onílé kọ́kọ́ rí i dájú pé owó náà ṣì wà kó tó dá ọjọ́ 14 fún ẹnikẹ́ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá kọ̀ tí kò yanjú, ìjọba Èkó ní ibi ìlàjà kan lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, Citizens Mediation Centre, tó máa ń pe onílé àti ayálégbé jókòó láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó to owó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fọ́tò àti ìwé oníṣẹ́, ni ohun tó wúlò jù tí onílé lè mú lọ síbẹ̀. Fọ́tò tó tún ṣe pàtàkì jù ni èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí ayálégbé ń wọlé, èyí tí ọ̀pọ̀ onílé kì í yà. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ògiri dán nígbà náà.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó Baba onílé síyọnu nìyẹn. Lọ́jọ́rú, Bàbá Ìbejì fèsì pé òun gba gbogbo rẹ̀, àfi ihò kan: "Ẹ̀yin Bàbá, èyí tó wà lápá fèrèsé ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Òun ni mo tilẹ̀ rí tí mo fi kan pẹpẹ síbẹ̀." Kò sí fọ́tò ọjọ́ ìwọlé. Wọ́n sì ti dí ihò náà. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí Baba onílé yà kí bíríkìlà tó dé wà lórí fóònù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fà á tóbi. Inú ihò méjì rí ràkọ̀ràkọ̀, sìmẹ́ǹtì eléérú lásán. Inú ẹ̀kẹta ní ọ̀dà aláwọ̀ mílíìkì ní etí rẹ̀ títí wọ inú. Ọ̀dà kì í wọ inú ihò tí kò tíì sí. Ẹni tó kun ilé náà gbẹ̀yìn, kí Bàbá Ìbejì tó kó wọlé, bá ihò yẹn níbẹ̀.

₦3,000 ni bíríkìlà gbà lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Baba onílé kò jiyàn, kò sì kọ àlàyé gígùn. Ó fi ìlà méjì ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà: "Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa ihò apá fèrèsé, mo ti yọ ₦3,000 rẹ̀ kúrò. Ohun tí mo yọ di ₦46,500, ₦153,500 ló máa wọlé fún yín lọ́jọ́ Ajé." Nígbà tí owó náà wọlé, ó ní kí Bàbá Ìbejì fèsì pé òun ti gba ₦153,500, àti pé ìṣirò owó kọ́ṣọ̀n fúláàtì náà ti parí láàárín àwọn méjèèjì. Èsì náà wà lórí fóònù rẹ̀, lábẹ́ àwọn fọ́tò yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti ń yà sílẹ̀ de ayálégbé tuntun.